Ọjọ́ Kejì Kérésìmesì: Ìdí Tí Ó Fi Jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi àti Ohun Tí A Fi Ń Ṣe Ìrántí

1. Ìfáàrà

Bí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá bá pé, ilé iṣẹ́ ìjọba àti báńkì a máa wà ní títì ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Dọ́búlìn, ní Bàlíìnì àti ní Keputáùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ará ìlú wọ̀nyí léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ìdáhùn wọn kò ní bára mu. Ará Dọ́búlìn yóò sọ pé ọjọ́ Sítéfánù Mímọ́ ni. Ará Bàlíìnì yóò sọ pé ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Ará Keputáùn yóò pè é ní Ọjọ́ Ìfẹ́-inú-rere, nítorí pé orúkọ tí òfin ọdún 1994 fi pè é ní Gúúsù Áfíríkà nìyẹn. Ní ti ará Lọ́ńdọ̀nù àti ará Èkó, Bọ́kísíǹ-dè ni àwọn méjèèjì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò lè sọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Láàrin àwa fúnra wa, kò ṣọ̀wọ́n kí á gbọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n máa ń kan ẹ̀ṣẹ́ láyé àtijọ́ ni. Ohun tí ó fa àṣìṣe yìí kò ju pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àpótí àti fún ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orísun ọjọ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun mẹ́ta ni ó pàdé lórí rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀. Èkíní ni ayẹyẹ ìjọ Kírísítì fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nítorí ìgbàgbọ́. Èkejì ni àṣà fífún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní owó ọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta ni òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà ṣe ní 1871 nípa báńkì. Èrò wa ni pé ayẹyẹ ìjọ ni ó fi ọjọ́ náà sínú kàlẹ́ńdà, àṣà àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó fún un ní orúkọ tí àwa ń pè é, òfin báńkì ni ó sì sọ ọ́ di ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ẹni tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò ní lè sọ ìdí tí orílẹ̀-èdè kan fi ń ṣe ọjọ́ náà nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kò ṣe é.

2. Sítéfánù, Olùpín Oúnjẹ

Ìtàn Sítéfánù wà ní orí kẹfà àti orí keje ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ẹjọ́ oúnjẹ ni ó bí i. Nínú ìjọ tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù, àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn sí àwọn tí ń sọ èdè Hébérù, wọ́n ní a ń gbójú fo àwọn opó àwọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì dáhùn pé kò yẹ kí àwọn fi iṣẹ́ ìwàásù sílẹ̀ láti máa bójú tó ìpín, nítorí náà kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí ó ní orúkọ rere. Sítéfánù ni a kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn méje náà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bá a jiyàn, tí wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án níwájú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn tí ó ti wí tẹnu rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ jáde kúrò nínú ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa. Àwọn tí ó sọ òkúta náà kó aṣọ wọn sí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní Sọ́ọ̀lù, ẹni tí ó padà di Pọ́ọ̀lù.

Ìwé mímọ́ kò sọ ọjọ́ tí Sítéfánù kú, a kò sì gbọdọ̀ ka ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọ yàn láti máa rántí rẹ̀ ni. Yíyàn náà ti wà kí ọ̀rúndún kẹrin tó parí, nítorí pé Gírégórì, bíṣọ́ọ̀bù Nísà, wàásù nípa Sítéfánù ní ọjọ́ náà ní 386. Àkọsílẹ̀ kan tí a fi èdè Síríákì kọ ní Édésà ní 411 náà to orúkọ àwọn ajẹ́rìíkú bí ọjọ́ wọn ti tẹ̀lé ara wọn nínú ọdún. Sítéfánù ni ó wà ní 26 oṣù Kejìlá, Jòhánù àti Jákọ́bù tẹ̀lé e ní 27, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù sì wà ní 28.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ṣe pàtàkì sí wa. Ó fi hàn pé Sítéfánù kò dá nìkan wà lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Ọ̀wọ́ àwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n tò sí ẹ̀yìn ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjòyè ti ń tò tẹ̀lé ọba, òun tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú ni a sì fi síwájú. Nígbà tí ó yá, àwọn olùkọ́ ìjọ ilẹ̀ Yúróòpù wá ìtumọ̀ fún ètò náà bí wọ́n ti gbà á. Wọ́n ní Sítéfánù fẹ́ kú fún Kírísítì, ó sì kú. Jòhánù, tí a ń rántí ní 27, fẹ́ kú ṣùgbọ́n kò kú ikú ajẹ́rìí. Àwọn ọmọdé tí Hẹ́rọ́dù pa, tí a ń rántí ní 28, kú láìjẹ́ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n kú fún. Ìtumọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ètò àwọn ọjọ́ náà ni ó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe òun ni ó dá ètò náà sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni ó gbà pé ọjọ́ Sítéfánù ni 26. Nínú ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti ìlà-oòrùn, ìyá Jésù ni a ń bu ọlá fún ní ọjọ́ kejì ìbí ọmọ rẹ̀, ọjọ́ 27 ni ti Sítéfánù. Nítorí náà, nígbà tí ará Ròmáníà tàbí ará Bọ̀lìgéríà bá ń sinmi ní ọjọ́ 26, Màríà ni ìjọ rẹ̀ ń rántí. Èyí nìkan ti tó láti kìlọ̀ fún wa pé ìsinmi lè wà ní ọjọ́ kan náà kí ohun tí à ń rántí má jẹ́ ọ̀kan náà.

3. Èyí Tí Ó Ṣẹ́kù Nínú Àjọ̀dún Gígùn

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, àjọ̀dún ńlá kì í tán ní ọjọ́ kan. Kérésìmesì, Ọdún Àjíǹde àti Pẹ́ntíkọ́sì a máa gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ máa ń dúró. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún ìbílẹ̀ wa rí. Ọjọ́ tí a bọ òrìṣà kì í ṣe ọjọ́ tí ọdún tán. Ìtàdógún, ìjẹje àti ọjọ́ kẹta ní ipò tiwọn.

Nígbà tí àwọn ìlú kan fara mọ́ ẹ̀kọ́ Lútà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n dín àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́ kù, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọjọ́ kejì Kérésìmesì sí. Ohun tí ó yí padà ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì àjọ̀dún Olúwa ni ó wá jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọjọ́ Sítéfánù mọ́. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ìsinmi pọ̀ jù, pé ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 1770 ni Dẹ́nímáàkì gé ọjọ́ kẹta àwọn àjọ̀dún ńlá kúrò. Síwídìnì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1772, ó pa ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin Kérésìmesì rẹ́. Ọjọ́ kejì nìkan ni ó yè bọ́. Nítorí náà, bí a bá béèrè ohun tí ó mú kí àwọn ará Síwídìnì àti ará Dẹ́nímáàkì máa sinmi ní ọjọ́ 26, ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé wọn kò fi ọjọ́ kan kún Kérésìmesì. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti gé Kérésìmesì kúrú ni.

Ilẹ̀ Faransé ni ó gé e kúrú jù lọ. Ní 1802, lẹ́yìn àdéhùn tí Nàpólíọ́nù bá póòpù ṣe, àjọ̀dún mẹ́rin péré ni a fi sílẹ̀ tí a lè ṣe láàrin ọ̀sẹ̀: Kérésìmesì, Ìgòkè-re-ọ̀run, Ìgbàsókè Màríà àti Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́. Ọjọ́ Sítéfánù kò sí níbẹ̀. Àpá kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Faransé tí ó ń sinmi ní ọjọ́ 26 títí di òní ni Àlísáàsì àti Mọ̀séẹ̀lì. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ Jámánì ni àgbègbè náà wà láti 1871 títí di 1918. Àṣẹ tí ìjọba Jámánì pa níbẹ̀ ní 1892 ni ó fi ọjọ́ náà sínú àwọn ọjọ́ ìsinmi, Faransé kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ rẹ̀.

4. Kóló Àwọn Ọmọ Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí á wá wo orúkọ tí àwa ń pe ọjọ́ náà. Àpótí tí ó wà nínú orúkọ Bọ́kísíǹ-dè kì í ṣe àpótí aṣọ, kì í sì í ṣe páálí tí a di ẹ̀bùn sí. Kóló ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ní kóló amọ̀ tí a là ní ẹnu tóóró, tí owó lè wọlé ṣùgbọ́n tí kò lè jáde àfi bí a bá fọ́ ọ. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí Kọ́tígíréfù ṣe jáde ní 1611, orúkọ tí ó fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé ń lò fún kóló ni àpótí Kérésìmesì. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé ní ìgbà náà, bí a bá ti dárúkọ kóló ní Lọ́ńdọ̀nù, Kérésìmesì ni ó máa ń wá sí ọkàn.

Bí àṣà náà ti ń lọ nìyí. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù tí ó nílaárí. Bí oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ bá wá san gbèsè ìparí ọdún, ọmọ náà a na kóló rẹ̀ sí i, oníbàárà a sì ju owó díẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn Kérésìmesì, àwọn ọmọ iṣẹ́ a fọ́ kóló, wọn a pín owó rẹ̀. Sámúẹ́lì Pípìsì, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀ràn ọkọ̀ ogun ojú omi, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ ní 19 oṣù Kejìlá 1663 pé òun lọ san gbèsè lọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe bàtà fún òun, òun sì fi nǹkan sínú àpótí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ de Kérésìmesì. Ní oṣù Kejìlá 1668, ọkùnrin kan náà ń ráhùn pé owó àpótí wọ̀nyí ti pọ̀ jù fún òun, ó sì mọ̀ pé kò tíì tán.

Kókó méjì ni ó yẹ kí á fà yọ nínú àkọsílẹ̀ Pípìsì. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ Sítéfánù ni ó fi owó sínú àpótí. Nítorí náà, àkókò ọdún ni àṣà náà so mọ́ níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ 26. Ohun tí ó mú un dúró sí ọjọ́ náà ni pé ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsìn. Ọjọ́ iṣẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ tẹ̀lé e ni àwọn afìwéránṣẹ́, àwọn akólẹ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìtajà lè máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba tiwọn. Ìkejì ni pé kì í ṣe àánú ni owó yìí ní ojú ẹni tí ń gbà á. Owó iṣẹ́ tí a ti ṣe látọdúnmọ́dún ni, tí kò sí ẹni tí ó san án ní ìgbà rẹ̀. Ìráhùn Pípìsì sì fi hàn pé ẹni tí ń fún un náà mọ̀ pé òun kò lè ṣe kí òun má fún un.

Nítorí èyí, a kò lè fara mọ́ àlàyé tí ó wọ́pọ̀ pé inú àpótí ọrẹ tí àwọn àlùfáà máa ń ṣí ní ọjọ́ Sítéfánù ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé Sítéfánù jẹ́ olùpín oúnjẹ fún àwọn opó. Àlàyé náà bá ọgbọ́n mu, ó sì wu ni láti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tí a tọ́ka sí wọ̀nyí, àpótí ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Bí a bá fẹ́ so Sítéfánù pọ̀ mọ́ àpótí náà, àwa ni a so wọ́n pọ̀.

5. Òfin Ọdún 1871 àti Ìwé Àdéhùn Owó

Títí di ibí yìí, a ti rí ọjọ́ ìjọ kan àti àṣà kan. Kò sí èyí tí ó lè ti ilẹ̀kùn báńkì nínú méjèèjì. Ní tòótọ́, bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń lọ, ìsinmi ń dín kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Báńkì ìjọba ilẹ̀ náà, tí ó ti máa ń tì ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹni mímọ́ tẹ́lẹ̀, dín ìsinmi rẹ̀ kù sí mẹ́rin péré ní 1834. Kérésìmesì wà níbẹ̀; ọjọ́ kejì rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kí ni ó dé tí ọ̀gá báńkì tí ó bá láàánú kò kàn fi lè ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé ní ọjọ́ 26? Ìwé àdéhùn owó ni ó dè é lọ́wọ́. Bí oníṣòwò kan bá ra ọjà láwìn, yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san owó rẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó, ní báńkì kan pàtó. Ìwé náà lè ti ọwọ́ ènìyàn kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn bí owó. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, tí a gbé e lọ sí báńkì, tí a kò sì rí owó gbà, a ó kà á sí ìwé tí ẹni tí ó yẹ kí ó san án kọ̀ láti san. Orúkọ oníṣòwò náà ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo ẹni tí ó ti fọwọ́ sí ìwé náà ni a sì lè pè lẹ́jọ́. Nítorí náà, báńkì tí ó bá ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ tí òfin kò kà sí ìsinmi lè ba orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó rí ojútùú ọ̀ràn yìí ni Jọ́ọ̀nù Lọ́bọ̀kì, ẹni tí ó jẹ́ oníbáńkì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti aṣòfin. Òfin tí ó gbé kalẹ̀ ní 1871 dárúkọ ọjọ́ mẹ́rin fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì. Àwọn ni ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Àjíǹde, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Pẹ́ntíkọ́sì, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ, àti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá bí kò bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé nọ́ńbà ọjọ́ náà ni òfin pè é. Kò pe Sítéfánù, kò sì pe àpótí. Ohun tí ó pàṣẹ ni pé ìwé àdéhùn owó tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò di sísan ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àti pé a kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni san owó ní ọjọ́ náà. Kérésìmesì kò sí nínú ọjọ́ mẹ́rin yìí nítorí pé àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á sí ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọjọ́ méjèèjì nínú òfin ni yóò yé wa bí a bá ṣe ìṣirò kan. Òfin ọdún 1882 tí ó to ìlànà ìwé àdéhùn owó fún ẹni tí ó jẹ gbèsè ní ọjọ́ mẹ́ta sí i lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ bá pé. Bí ọjọ́ kẹta náà bá jẹ́ Kérésìmesì, a gbọ́dọ̀ san owó náà ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi báńkì bíi 26, ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e ni a ó san án. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé oníṣòwò méjì fọwọ́ sí ìwé olóṣù méjì ní 1883, ẹni kìíní ní 22 oṣù Kẹwàá, ẹni kejì ní 23. Àkókò ti ẹni kìíní pé ní 22 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ gbé e dé 25, tí ó jẹ́ Kérésìmesì. Òfin dá a padà sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ sanwó ní ọjọ́ Ajé, 24. Àkókò ti ẹni kejì pé ní 23. Ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ gbé e dé 26. Òfin tì í síwájú, ó di Ọjọ́bọ̀, 27. Ọjọ́ kan ni ó wà láàrin ìwé méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ó wá wà láàrin sísan wọn. Ọjọ́ Olúwa kì í fi gbèsè falẹ̀, ọjọ́ báńkì a máa fi falẹ̀. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan báyìí ni ọjọ́ 26 jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Òfin mìíràn ni ó mú ọjọ́ mẹ́ta àfikún náà kúrò ní 1971.

Ilẹ̀ Sikọ́tílándì ti àlàyé yìí lẹ́yìn. Ìjọ Pirẹsibitéríà tí ó gbilẹ̀ níbẹ̀ kò ka Kérésìmesì kún. Nítorí náà ni òfin 1871 ṣe ní láti dárúkọ Kérésìmesì gan-an fún wọn, kò sì fún wọn ní ọjọ́ 26 rárá. Ó di àwọn ọdún 1970 kí ọjọ́ náà tó di ìsinmi báńkì níbẹ̀.

6. Bí Ọjọ́ Náà Bá Bọ́ Sí Ọjọ́ Àìkú

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí orílẹ̀-èdè kan ń ṣe nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Orúkọ kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó tú àṣírí rẹ̀ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ 26 bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá jẹ́ àjọ̀dún ni à ń ṣe, àjọ̀dún náà kò ní kúrò ní ọjọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni à ń fẹ́, a ó wá ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí òfin Lọ́bọ̀kì fi pàdé ìdánwò yìí. Òfin 1871 ti sọ pé kí ọjọ́ náà má bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1875 yóò jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sí ìsinmi lọ́dún náà. Ní 1875 kan náà ni a ṣe òfin mìíràn tí ó ní kí ọjọ́ Ajé, 27, rọ́pò rẹ̀, tí ó sì fa ìsinmi náà dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti ti ilé iṣẹ́ owó orí.

Ọdún 2021 tún mú irú rẹ̀ wá. Kérésìmesì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26 sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní Jámánì, a kò fi ọjọ́ kankan dípò. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ti wá, ó sì ti lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ajé 27 àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun 28 ni a fi rọ́pò ọjọ́ méjèèjì. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ọjọ́ méjì yìí kan náà. Nínú ìjọ Kátólíìkì, ọjọ́ Àìkú tí ó wà láàrin ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì jẹ́ ti Ìdílé Mímọ́, ó sì ga ju ọjọ́ Sítéfánù lọ. Nítorí náà ni a kò ṣe ayẹyẹ Sítéfánù ní ọ̀pọ̀ ìjọ lọ́dún náà. Sítéfánù pàdánù ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù kò pàdánù ìsinmi wọn. Kò sí ẹ̀rí tí ó ju èyí lọ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

7. Láàrin Ìdí-Ìrókò àti Kétu

Ìyàtọ̀ tí a ń sọ yìí gba àárín ilé wa kọjá. Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìdí-Ìrókò ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, tí ó bá kọjá ààlà lọ sí Pọ̀bẹ́ tàbí Kétu, yóò fi ọlidé sílẹ̀ bọ́ sínú ọjọ́ iṣẹ́. Yorùbá ni àwọn tí ó wà ní ìhà méjèèjì. Ìjọ Àgùdà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà ní ìhà méjèèjì. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni ó yàtọ̀. Òfin ni. Èkó bọ́ sábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ọdún mẹ́wàá ṣáájú òfin Lọ́bọ̀kì, ìlànà ìsinmi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìjọba tí ó tẹ̀lé e mú lò. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jogún ìlànà Faransé, èyí tí ó ti yọ ọjọ́ Sítéfánù kúrò láti 1802.

Irú àlàyé yìí kan náà ni ó bá àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà lókè òkun mu. Èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń sinmi. Èyí tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò ní ọjọ́ náà nínú ọlidé ìjọba àpapọ̀. Amẹ́ríkà ti kúrò lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1776, ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún kí òfin tí ó dá ìsinmi náà sílẹ̀ tó wáyé.

8. Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọjọ́ kejì Kérésìmesì ní ìrántí mẹ́ta nínú: ti ọkùnrin tí a kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn tí ń pín oúnjẹ fún opó, ti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń na kóló fún owó tí ó tọ́ sí wọn, àti ti ìwé àdéhùn owó tí a ní láti tì síwájú kí ilẹ̀kùn báńkì tó lè tì. Ní Áyálándì, ti àkọ́kọ́ ni orúkọ ọjọ́ náà ṣì ń tọ́ka sí. Ní Síwídìnì àti Jámánì, àjọ̀dún tí a gé kúrú ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ti èkejì ni ó ń jẹ́, àṣẹ ti ẹ̀kẹta ni ó sì gbé e dúró.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn. Òfin 1871 ti ilẹ̀kùn báńkì; kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún ẹni tí ó bá sinmi. Títí di òní, òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti gba ọjọ́ 26 gan-an gẹ́gẹ́ bí ìsinmi tí a sanwó fún. Ohun tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bá sọ ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ni ó sì máa ń ṣí ní ọjọ́ náà láti ta ọjà ní ẹ̀dínwó. Bí ọmọ tí ń na kóló ní ilé ìtajà ní 1663 bá dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún yìí, yóò bá ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró nídìí ọjà, ní ọjọ́ tí a fi kóló rẹ̀ sọ lórúkọ.